Excel mi ò ṣí mọ́, ó ń pòórá kó tó dìde tán

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Láti àárọ̀ yìí ni Excel tó wà lórí lápútọ́ọ̀pù ọ́fíìsì wa ò ti ṣí mọ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, àwòrán aláwọ̀ ewé yẹn á yọ, á dà bíi pé ó fẹ́ dìde, ló bá pòórá, kò sọ̀rọ̀ kò fọhùn. Kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo o, kódà tí mi ò bá ṣí fáìlì kankan, tó jẹ́ Excel gan-an ni mo kàn tẹ̀, bákan náà ni. Word ń ṣí ní tiẹ̀. Ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mò ń tọ́jú, owó tí àwọn èèyàn yá àti èyí tí wọ́n fi pamọ́ ló wà níbẹ̀, ìparí oṣù sì ti dé. Windows 11 ni, Microsoft 365 sì ni Office ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀gá_Túnṣe

Office yín ló ti bàjẹ́, àǹtí. Ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wọ `Apps`, ẹ wá Microsoft 365 níbẹ̀, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ mú `Modify`, ẹ wá ṣe `Quick Repair`. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́ ẹ ṣe `Online Repair`. Tí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́ ẹ yọ gbogbo ẹ̀ dànù kí ẹ gbé òmíì sí i. Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Ẹ ṣé ọ̀gá mi. Mo ti ṣe `Quick Repair`, ó ní òun ti parí, mo tún tẹ Excel, ó tún pòórá. `Online Repair` yìí ló ń bà mí lẹ́rù torí dátà fóònù mi ni mò ń lò.

Gbénró_Ìṣirò

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má tíì fi dátà yín ṣòfò. Ẹ ti sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù láìmọ̀: Word ń ṣí, Excel nìkan ni kò ṣí, ó sì ń kú nígbà tí kò tíì sí fáìlì kankan níwájú ẹ̀. Ìyẹn ni pé fáìlì yín kọ́ ló ní wàhálà, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí owó àwọn èèyàn.

Tí Excel bá ń dìde, kì í dá dìde. Ó máa ń ké sí àwọn nǹkan tí àwọn ètò míì ti wá so mọ́ ọn lára, òun fúnra ẹ̀ ń pè wọ́n ní `Add-ins`, èmi á máa pè wọ́n ní àfikún. Ètò tó ń ka PDF lè gbé àfikún síbẹ̀, ètò ìṣirò owó lè gbé tiẹ̀ síbẹ̀, ẹlòmíì tiẹ̀ ní mẹ́fà méje tí kò mọ ìgbà tí wọ́n wọlé. Inú Excel gan-an ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan bá ṣubú lulẹ̀ nígbà tí Excel ń dìde, odindi Excel á bá a lọ. Ohun tí ọ̀gá wa sọ ò burú tó bá jẹ́ pé fáìlì Office ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti Office nìkan ni `Repair` ń tún ṣe. Kì í fọwọ́ kan àfikún ẹlòmíì. Tó bá parí, ìlànà pé kí Excel ké sí àfikún yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí Excel láìjẹ́ kó ké sí ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ `Ctrl`, `Shift` àti `Esc` pọ̀, tí ẹ bá rí Excel kankan níbẹ̀ tó ṣì ń mí, ẹ fi `End task` pa á. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti `R` pọ̀, ẹ kọ èyí síbẹ̀ kí ẹ tẹ `Enter`, àlàfo wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì o:

```
excel /safe
```

Ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ọmọ_Ìlárá

Àǹtí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn, tó bá ti ń tàn ẹ tẹ F8 léraléra títí á fi bọ́ sí `Safe Mode`, ẹ wá ṣí Excel níbẹ̀.

Gbénró_Ìṣirò

Rárá o àbúrò, ti Windows nìyẹn, ti Excel ni mò ń sọ. Ti Windows á pa nǹkan púpọ̀ tí kò ṣẹ̀ wá, kò sì ní pa àfikún Excel. F8 yẹn náà kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí Windows 11. Àǹtí, kí ẹ má pa kọ̀ǹpútà, ohun tí mo kọ yẹn náà ni kí ẹ ṣe. Tí ẹ ò bá fẹ́ kọ nǹkan, ẹ di `Ctrl` mú kí ẹ tẹ Excel, ẹ má jù ú sílẹ̀ títí á fi bi yín bóyá ẹ fẹ́ ṣí i ní `safe mode`.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Ó ṢÍ O!!! Ọlọ́run ṣeun! Ó kọ `Safe Mode` sókè níbi orúkọ ẹ̀. Mo ṣí ìwé owó oṣù yìí, gbogbo ẹ̀ pé. Ṣé kí n kàn máa lò ó báyìí títí oṣù á fi parí ni?

Gbénró_Ìṣirò

Ẹ lè fi ṣe ohun tó kán yín lójú lónìí, ẹ máa tọ́jú fáìlì yín síbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé. Àwọn ètò kan tí ẹ bá yí padà níbẹ̀ kò ní dúró, kò lè tọ́jú àwòṣe fáìlì, bó bá sì jẹ́ pé iná lọ tí fáìlì kan fẹ́ padà bọ̀ fúnra ẹ̀, kò ní ṣí i fún yín. Fáìlì tí wọ́n fi àṣẹ dè kò ní ṣí níbẹ̀ náà.

Ohun tí èyí sọ fún wa ni pé Office yín ò ṣẹ̀. Ká ní ó kú níbẹ̀ náà ni, ibòmíì la ò bá máa wò, bíi dírẹ́fà àwòrán tàbí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní báyìí, ọ̀kan nínú ohun tí Excel ń ké sí ló jẹ̀bi, a sì gbọ́dọ̀ mú un.

Nínú Excel tó ṣí yẹn, ẹ lọ sí `File`, `Options`, `Add-ins`. Nísàlẹ̀ pátápátá ẹ máa rí `Manage`, ẹ mú `COM Add-ins` níbẹ̀, ẹ tẹ `Go`. Àpótí kékeré kan á ṣí. Tí ẹ bá fọwọ́ kan orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó máa sọ fódà tó ti wá nísàlẹ̀, ẹ kọ gbogbo wọn síbí. Lẹ́yìn náà ẹ yọ mààkì iwájú gbogbo wọn, kì í ṣe èyí tí ẹ fura sí nìkan o. Ẹ má tẹ `Remove`, mààkì nìkan. Ẹ pa Excel, kí ẹ wá ṣí i bí ẹ ṣe ń ṣí i tẹ́lẹ̀.

Kòfo_Ìjẹ̀bú

Ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tèmi náà ń ṣe báyìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, `excel /safe` ń ṣí, ti gidi ò ṣí, ṣùgbọ́n mo ti yọ gbogbo mààkì COM yẹn o, kò yí nǹkan kan padà. Ṣé tèmi ti bàjẹ́ nìyẹn?

Gbénró_Ìṣirò

Ẹ fún mi láyè díẹ̀ Àǹtí Kòfo, mò ń bọ̀ lórí tiyín, ọ̀nà ibòmíì ni.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ètò PDF, méjì jẹ́ ti Microsoft fúnra ẹ̀, ọ̀kan yòókù jẹ́ ti ètò tí wọ́n tà fún wa láti máa fa ìwé owó báǹkì wọ inú Excel. Mo yọ mààkì ti PDF àti ti Microsoft, wọ́n gbà. Ti báǹkì yẹn ò gbà. Ó ń kọ nǹkan kan nípa `HKEY_LOCAL_MACHINE` pé kò ṣeé yí padà. Mo wá ṣí Excel lọ́nà ti tẹ́lẹ̀, ó tún kú.

Ọ̀gá_Túnṣe

Ẹ rí i. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé Office tuntun sí i, ẹ yé fìyà jẹ ara yín.

Gbénró_Ìṣirò

Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀, a ti sún mọ́ ọn gan-an. Ohun tó kọ yẹn ni pé gbogbo ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n gbé àfikún yìí sí i fún, kì í ṣe Àǹtí Àdùkẹ́ nìkan, torí náà ẹni tó ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà nìkan ló lè dá a dúró. Àǹtí, ẹ pa Excel, ẹ kọ `cmd` síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ `Run as administrator`, kí ẹ kọ èyí:

```
start excel /safe
```

Tó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín ni kó bá yín tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ padà síbi àpótí `COM Add-ins` yẹn kí ẹ yọ mààkì ti báǹkì. Á gbà.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Ó gbà! Excel sì ṣí lọ́nà ti tẹ́lẹ̀, kò kọ `Safe Mode` mọ́! Ẹ̀gbọ́n Gbénró, ẹ kò ní ṣìnà láyé.

Ọmọ_Ìlárá

Ó tán nìyẹn, ti báǹkì yẹn ló jẹ̀bi, kí wọ́n yọ ọ́ dànù.

Gbénró_Ìṣirò

A ò tíì mọ̀ o. Mẹ́rin la pa, a ò tíì mọ èyí tó ń pa Excel nínú wọn. Ó lè jẹ́ ti PDF yẹn náà, torí nígbà tí ti báǹkì kọ̀ tí Excel ṣì ń kú, a ò mọ̀ bóyá yíyọ tí ẹ yọ mààkì ti PDF wọlé dáadáa. Ẹ dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máàkì ọ̀kan, ẹ pa Excel, ẹ ṣí i, tó bá ṣí ẹ dá ìkejì padà. Kì í ṣe kí ẹ máàkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí tó bá kú ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣe é. Ká ní ogún ni wọ́n, mi ò bá ní kí ẹ dá ìdajì padà lẹ́ẹ̀kan kí ó lè yá, ṣùgbọ́n mẹ́rin ò tó nǹkan. Ti báǹkì ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Mo ti ṣe é. Ti Microsoft méjèèjì ò ṣe nǹkan kan. Ti PDF ò ṣe nǹkan kan. Bí mo ṣe dá ti báǹkì padà báyìí ló kú. Mo gba ọ̀nà `cmd` yẹn lọ yọ ọ́, ó tún ṣí. Ìṣòro wá ni pé mo nílò nǹkan yìí, òun la fi ń gbé owó tó wọlé sínú ìwé, tí mo bá ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ á ṣú.

Gbénró_Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Báyìí la ti mú un. Tí ẹ bá nílò ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe é. Ẹ ṣí `Event Viewer`, `Windows Logs`, `Application`, ẹ wá àkókò tí Excel kú gbẹ̀yìn, ẹ máa rí àmì pupa níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ ètò yẹn, kò yẹ ká máa pe orúkọ wọn kiri nígbà tí a ò tíì gbọ́ tẹnu wọn.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Àkọ́kọ́ jẹ́ `Application Error`, nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 1000. Ó kọ:

```
Faulting application name: EXCEL.EXE
Faulting module name: KERNELBASE.dll
```

Ọ̀gá_Túnṣe

KERNELBASE jẹ́ ti Windows o. Ẹ wò ó, Windows ló bàjẹ́. Ẹ ṣe Windows tuntun.

Gbénró_Ìṣirò

Òótọ́ ni pé ti Windows ni, ọ̀gá, àmọ́ kì í ṣe òun ló ṣẹ̀. Tí ètò kan bá figbe ta nítorí nǹkan burúkú kan tó bá pàdé, inú KERNELBASE ni igbe yẹn ń gbà jáde, nítorí náà orúkọ ẹ̀ á máa hàn nínú oríṣiríṣi ìkú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Ká ní fáìlì àfikún gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, à bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti jẹ́ KERNELBASE tàbí `ntdll.dll`, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àǹtí, òmíì wà láàárín ìṣẹ́jú kan náà tó kọ `.NET Runtime`, nọ́ńbà 1026. Kí ló wà lójú ìlà `Exception Info`?

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Ó wà níbẹ̀! Ó gùn. Orúkọ ètò báǹkì yẹn wà nínú ẹ̀ léraléra. Ìlà tí ẹ sọ yẹn ni:

```
Exception Info: System.Configuration.ConfigurationErrorsException
```

Gbénró_Ìṣirò

Áà, mo mọ èyí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ iná tàbí bátìrì yín lọ lójijì nígbà tí Excel wà ní ṣíṣí, kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Kí ló dé tí ẹ fi mọ̀? Lánàá ní ìrọ̀lẹ́, iná lọ, bátìrì lápútọ́ọ̀pù yìí ò sì gbé nǹkan mọ́, ó kú lọ́wọ́ mi. Mi ò tún tàn án mọ́ títí di òní.

Gbénró_Ìṣirò

Ètò tí wọ́n fi .NET ṣe máa ń ní fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ `user.config`, ibẹ̀ ló ń kọ ohun tí ẹni tó ń lò ó yàn sí, bí àkáǹtì tó fẹ́ràn, fódà tó ń lò. Tí iná bá lọ níbi tó ti ń kọ ọ́, fáìlì yẹn lè ṣófo tàbí kó kún fún òfo, ìwọ̀n ẹ̀ á wà ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kankan ò ní sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Excel ké sí àfikún, àfikún ṣí `user.config` ẹ̀, kò rí ohun tó lè kà, àwọn tó kọ ọ́ ò sì sọ fún un ohun tó máa ṣe bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ló bá ṣubú, ó sì fa Excel lulẹ̀. Ká ní ẹ yọ Office kúrò, kódà ká ní ẹ yọ ètò báǹkì náà kí ẹ tún un gbé sí i, fáìlì yìí lè ṣì wà níbẹ̀ torí inú fódà tiyín ló ń gbé, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbé ètò sí.

Ẹ pa Excel, ẹ tẹ Windows àti `R`, ẹ kọ `%localappdata%`, ẹ wá fódà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ètò yẹn, ẹ máa rí `user.config` nínú rẹ̀. Ẹ fi `Notepad` ṣí i wò. Tó bá ṣófo, ẹ má pa á rẹ́, ẹ kàn yí orúkọ ẹ̀ padà sí `user.config.old`. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba ọ̀nà `cmd` yẹn dá mààkì àfikún yẹn padà.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Mo rí i. Notepad ṣí, funfun báláú, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ àlàfo nìkan. Mo yí orúkọ ẹ̀, mo dá mààkì padà, Excel ṢÍ pẹ̀lú àfikún báǹkì nínú ẹ̀! Ó ní kí n tún yan àkáǹtì àti fódà bí ìgbà tó wà ní tuntun, ìyẹn nìkan náà ni.

Àlàbí_Ọ́fíìsì

Mo ń ka yín bọ̀ láti òkè. Mi ò gbà pé iná ni. Ọ́pdéètì Office wọlé sórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa lọ́sẹ̀ yìí, àfikún kan sì ti ń ṣe wàhálà lọ́fíìsì tiwa náà. Kí ló máa jẹ́ kí iná nìkan jẹ̀bi?

Gbénró_Ìṣirò

Ó ṣeé ṣe ní tiyín, àfikún tó ti pẹ́ máa ń já lẹ́yìn ọ́pdéètì. Ní ti Àǹtí Àdùkẹ́, fáìlì tó ṣófo la rí, ìgbà tí a sì gbé e kúrò ló ṣí. Bóyá iná ló sọ ọ́ di òfo, ìyẹn ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni pé Excel fúnra ẹ̀ máa ń rí i nígbà míì tí àfikún kan bá ń pa á, á béèrè pé ṣé kí òun dá a dúró, á wá gbé e sínú `Disabled Items`. Kò béèrè lọ́dọ̀ àǹtí. Bóyá torí ó yára kú jù ni, bóyá nǹkan míì ni. Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ. Tiyín Ọ̀gá Àlàbí, ẹ wo 1026 tiyín kí a tó sọ̀rọ̀, kò dájú pé orúkọ kan náà ni.

Àǹtí Kòfo, ó kàn yín. Tí COM bá ti kúrò tí Excel ṣì ń kú, ohun méjì míì wà tí `/safe` ń fò tí a máa kọ́kọ́ wò. Ní àpótí `Manage` kan náà, ẹ mú `Excel Add-ins` dípò `COM Add-ins`, oríṣi míì nìyẹn. Èkejì ni fódà tí Excel ń ṣí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ láìbéèrè:

```
%appdata%\Microsoft\Excel\XLSTART
```

Kí ló wà níbẹ̀?

Kòfo_Ìjẹ̀bú

Ní `Excel Add-ins` kò sí mààkì kankan. Nínú fódà yìí `PERSONAL.XLSB` nìkan ló wà. Inú ẹ̀ ni gbogbo makirò tí mo ti kọ fún owó oṣù wà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n pa á rẹ́.

Gbénró_Ìṣirò

Ẹ ò ní pa á rẹ́. Ẹ fà á jáde lọ sórí `Desktop`, kí ẹ wá ṣí Excel.

Kòfo_Ìjẹ̀bú

Ó ṣí. Òun ni. Báwo ni mo ṣe máa rí makirò mi gbà báyìí?

Gbénró_Ìṣirò

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kan, kí ẹ má fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ ojúlówó. Nínú Excel tó ṣí, ẹ lọ `File`, `Open`, ẹ yan ẹ̀dà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ `Open`, ẹ tẹ ọfà kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ mú `Open and Repair`. Tó bá ṣí, ẹ tẹ `Alt` àti `F11`, ẹ fi `Export File` kó móúdùlù kọ̀ọ̀kan jáde, kí ẹ tún wọn gbé sínú `PERSONAL.XLSB` tuntun. Tí Excel bá kú níbẹ̀, ẹ padà síbí, ọ̀nà míì lè wà ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ṣèlérí.

Kòfo_Ìjẹ̀bú

Ọwọ́ mi ti dí báyìí, mo máa ṣe é lálẹ́ kí n wá sọ bó ṣe lọ.

Àdùkẹ́_Akáǹtì

Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ta ètò yẹn fún wa, mo so ohun tó wà nínú 1026 mọ́ ọn, mo sì sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ètò wọn máa ṣí bí fáìlì yẹn bá tiẹ̀ ṣófo. Wọn ò tíì dáhùn.